Bí Síkáànù Bá Rí Kókó Lára Ẹ̀dọ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ní Mẹ́dọ̀wú Bíì

Ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn. Ó kan ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti sọ fún pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú Bíì, tí a ń pè ní hẹpatáítísì Bíì, wà lára rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò kéré láàárín wa. Àyẹ̀wò ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bíi mẹ́jọ ló ní in. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹun dáadáa, wọ́n ń tukọ̀, wọ́n ń ju àwọ̀n, kò sí ohun tó ń dùn wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kòkòrò yìí lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ kì í sì í tètè pariwo. Inú ẹ̀dọ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bò ó ló ń mọ̀ ọ́n, nígbà tí kókó bá ti tóbi débi pé ó ń na awọ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dúró de ìrora fi máa ń pẹ́ jù.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2017, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Íjíbítì wé àwọn ti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn ní Áfíríkà. Ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn jù wá lọ, ìdajì wọn lo tó oṣù mẹ́wàá ó lé lẹ́yìn tí wọ́n rí i. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìdajì ò lo ju oṣù méjì ààbọ̀ lọ. Ọjọ́ orí tiwa sì wà ní àárín mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọjọ́ orí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ sílé ìwé.

Báwo la ṣe ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀? Síkáànù lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aboyún, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì lórí ikùn. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni. Wọn ò mú oṣù mẹ́fà láti inú afẹ́fẹ́ o: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó kéré sábà máa ń gba bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó di ìlọ́po méjì. Tó o bá fo ọdún kan, o ti fún un láyè púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí ẹni tí a bí ní Áfíríkà tó ní kòkòrò yìí bẹ̀rẹ̀ láàárín ogún ọdún sí ogójì, kò ní dúró de ọjọ́ ogbó. Ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti mú ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Ẹ má jẹun fún bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú síkáànù náà, torí afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń bo ẹ̀dọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lójú. Ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókọ̀dá láàárọ̀ lè fi oúnjẹ sílẹ̀ títí yóò fi ṣe é tán. Omi kò burú.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò sọ ti ẹnikẹ́ni o, àkàwé ni. Apẹja kan, ọmọ ọdún 39, ṣe síkáànù ní oṣù kìíní, ẹ̀dọ̀ mọ́. Ó padà lọ ní oṣù keje, wọ́n rí kókó kan tó jẹ́ mìlímítà 7. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: ẹnì kan á sá lọ sílé àgbo, ẹlòmíì á ya owó fún síkáànù ńlá lọ́jọ́ kejì. Kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ti kéré jù fún ẹ̀rọ ńlá láti dárúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tó kàn ni kó tún síkáànù ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe mẹ́fà mọ́.

Ní oṣù kẹwàá, kókó náà ti di mìlímítà 13. Ó ti kọjá sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí náà síkáànù ikùn ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kan síítì tàbí ẹmaráì. Bákan náà ni fún ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní éè-ẹ́fù-píì bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, bí síkáànù rẹ̀ bá tiẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí éè-ẹ́fù-píì bá lọ sílẹ̀, ìyẹn ò sọ pé kò séwu.

Ẹ fetí sí apá yìí dáadáa, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń wọ ẹ̀dọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń ti ìfun bọ̀. Èyí tó kéré ń bọ̀ tààrà láti ọ̀dọ̀ ọkàn. Ẹ̀dọ̀ rere ń jẹ láti ọ̀dọ̀ ti ìfun, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ń jẹ láti ọ̀dọ̀ ti ọkàn. Nítorí náà, wọ́n á fún ẹni náà ní abẹ́rẹ́ oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tàn nínú àwòrán, wọ́n á sì ya á léraléra: ní bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ní ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ máa ń tàn yanran ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á dúdú ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ. Tí apẹja wa bá ní méjèèjì yìí, dókítà lè sọ pé jẹjẹrẹ ni láì gé nǹkan kan lára rẹ̀. Ní mìlímítà 13, wọ́n ṣì lè gé e kúrò, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó o.

Tó bá jẹ́ pé etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn, tí ìmọ́lẹ̀ náà wá ń wọ àárín díẹ̀díẹ̀, tó sì dúró, kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Kò léwu; kó padà sí oṣù mẹ́fà rẹ̀. Tí kò bá jọ èyí, tí kò jọ ìyẹn, wọ́n á tún un yà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tàbí kí wọ́n lo ẹmaráì, tó máa ń rí kókó kékeré dáadáa ju síítì lọ, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ wò.

Síítì tí wọ́n bá yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tí kò ní abẹ́rẹ́, kò lè sọ ìtàn yìí. Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé: "Ṣé síítì ẹ̀dọ̀ onípele mẹ́ta lẹ fẹ́ ṣe, pẹ̀lú abẹ́rẹ́?" Ẹ rí i pé dókítà kọ bẹ́ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Wọ́n á yẹ kíndìnrín wò nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fúnni ní abẹ́rẹ́ síítì. Ẹ má bínú sí wọn, ààbò ni.

Síkáànù ikùn náà ní àléébù. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti egungun ìhà lè bo apá kan. Tí ìwé yín bá sọ pé wọn ò rí gbogbo ẹ̀dọ̀ dáadáa, ìwé yẹn ò tíì sọ pé ẹ̀dọ̀ mọ́. Ẹ bi dókítà pé kí ló kàn.

Lákòótán, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé àti fọ́tò síkáànù sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, ẹ sì máa gbé ti àtijọ́ lọ. Láìsí ìwé oṣù keje, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé 7 ló di 13. Àwa ọ̀dọ́ á máa rán gbogbo ilé létí lórí gúrúùpù ní oṣù kìíní àti oṣù keje. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a ò sì ní béèrè ẹni tó ní in. Ẹni tó kàn á mọ̀ pé òun la ń bá wí.