Nígbà Tí Ọkùnrin Bá Di Ìyá Lójú Àlá

 

Ọkùnrin lè sùn kí ó bá ara rẹ̀ lójú àlá gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà. Arúgbó lè padà di ọmọdé. Bí ẹni náà bá jí, ẹ̀rù máa ń bà á pé bóyá ara rẹ̀ ni nǹkan ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí a tó béèrè ohun tí ara dà, ó yẹ kí a béèrè ipò tí alálàá wà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà yìí hàn. Bí a bá ní "ó wá, ó jókòó," kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìyàwó ilé a máa pe gbogbo ọmọ ilé tí ó bá níbẹ̀ ní ọkọ rẹ̀, àní àwọn arábìnrin ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Níbi yìí, ẹni tí ó ti wà nílé ṣáájú ni ọkọ, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ìyàwó. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹ̀ jáde ní 1997, ó gbà pé ọjọ́ orí ṣe pàtàkì ju akọ tàbí abo lọ nínú ètò àwùjọ Yorùbá àtijọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn takò ó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lẹ́nu wa títí di òní.

Ilé Ṣàngó fi èyí hàn kedere. Ọkùnrin tí a bá dá ní adóṣù, ìyàwó òrìṣà ni à ń pè é. A máa ń di irun rẹ̀ bí ti obìnrin, a sì máa ń wọ aṣọ tí ó jọ ti ìyàwó fún un. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ àti bàbá nínú ilé tirẹ̀. Òrìṣà ni ó gùn ún. Ní iwájú òrìṣà yẹn ni ó ti jẹ́ ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́bí ọkùnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ti kú, lá àlá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ó ró ìró ìyá rẹ̀, ó ń bu oúnjẹ, àwọn àbúrò sì ń pè é ní Ìyá. Ó wá sọ́dọ̀ awo. Kò sọ àlá náà síta. Ó rọra fi ẹnu kó ọ̀rọ̀ náà sí owó, ó sì gbé e kalẹ̀. Awo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí ó ní ojú mẹ́jọ, Odù kan sì yọ nínú 256. Lẹ́yìn èyí ni ìbò: owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun sì dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Alálàá fi wọ́n pamọ́ sí ọwọ́ méjèèjì. Awo tún dá Ifá lẹ́ẹ̀mejì, Odù tí ó bá ṣe àgbà sì ni a fi ń mọ ọwọ́ tí a óò ṣí. Báyìí ni a ń béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ìyá ni ó ń béèrè nǹkan? Ṣé ojúṣe kan ni a fi sílẹ̀? Bí ìbò bá fi ọwọ́ sí ojúṣe, awo yóò wá bi í léèrè ta ni ó ń bọ́ àwọn àbúrò láti ìgbà tí ìyá ti lọ. Ìdáhùn lè jẹ́ pé kò sí ẹnìkan. Ipò ìyá ṣófo nínú ilé, òun ni àlá sì fi sí i.

Ibi tí awo ti ń ṣìnà ni kí ó gbọ́ àlá tán, kí ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ọkọ ọ̀run tàbí ìyàwó ọ̀run ni, kí ó wá ka ẹbọ ńlá sílẹ̀ láì dá ìbò. Ibà pàápàá máa ń mú kí ènìyàn lá àlá rúdurùdu. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ara alálàá yá, àti bóyá àlá náà ń padà wá nígbà tí ara bá dá. Ó yẹ kí a tún béèrè ohun tí ó kù lọ́kàn nígbà tí ó jí. Ẹrù wíwúwo yàtọ̀ sí ayọ̀.

Ẹlòmíràn wà tí yóò sọ pé ayọ̀ ni, pé láti kékeré ni òun ti mọ ara òun bí òun ti rí lójú àlá náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yẹ kí a fi àlá kan ṣoṣo sọ ẹni tí ó jẹ́ fún un. Orí rẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó yàn. Iṣẹ́ awo ni kí ó bá a béèrè, kí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.