Àlá Ìsọ̀ Tí A Tì Pa

Ìtàn kúkúrú ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lórí àlá lónìí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Òru mẹ́ta ni ó lá àlá kan náà: ó dé ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, ó bá a ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ ihò àgádágodo, ohùn ènìyàn sì ń pe orúkọ rẹ̀ láti inú. Ó gbà pé ọ̀tá ni ó ti ọ̀nà ọjà mọ́ òun, ó sì fẹ́ yá owó láti fi ṣe ètùtù ńlá.

Ó tọ babaláwo lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, kò rọ́ àlá náà fún un. Ó sọ ọ́ sí owó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fi owó náà síwájú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Nígbà tí odù hù, babaláwo fi ibò béèrè bóyá ọwọ́ ọ̀tá ni. Ibò kọ̀ ọ́. Ó béèrè gbèsè; ibò gbà á.

Babaláwo ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni o ń ṣí ìsọ̀ báyìí?”

Àbẹ̀kẹ́ wolẹ̀. “Ọ̀sán gangan ni, Bàbá. Àárọ̀ ni Ìyá Aláró máa ń wá béèrè owó aṣọ tí mo gbà láwìn.”

“Ìwọ fúnra rẹ ni o kọ́kọ́ ti ìsọ̀ pa, kí àlá tó tì í.”

Ẹyẹlé kan àti obì ni ẹbọ rẹ̀. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ yáwó mọ́, kí ó sì ka gbèsè rẹ̀, nítorí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó kà á rí. Nígbà tí ó kà á, ₦180,000 ni ó jẹ Ìyá Aláró. Ṣùgbọ́n oníbàárà mọ́kànlá jẹ òun náà ní ₦210,000. Ìtìjú gbèsè tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó sin wọ́n.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́fà nínú wọn san ₦120,000. Ó gbé e lọ sílé Ìyá Aláró, ó kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ má bínú. N ó máa mú ₦20,000 wá lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́ta.”

Ìyá Aláró gbà á. “Sísá tí o ń sá fún mi ni ó dùn mí ju owó lọ.”

Láti ọjọ́ kejì ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àlá àgádágodo ni ó jẹ́ ti gbèsè. Bí ibò bá ti mú ọ̀tá, ọ̀nà mìíràn ni à bá tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè kí a tó rúbọ: bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti tẹ̀lé ẹ̀rù rẹ̀, ì bá fi gbèsè tuntun ṣe ètùtù gbèsè àtijọ́.