Àtẹ̀gùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ilé Tó Ní Ṣọ́ọ̀bù Nísàlẹ̀, Tí Ìdílé Ń Gbé Lókè, ní Ìbàdàn

Bí ẹ bá gba Ríǹgì Ròódù dé Ṣáléńjì, tí ẹ yà sí Dùgbẹ̀, tí ẹ sì gòkè lọ sí Bódìjà àti Àgbowó, irú ilé kan náà lẹ ó máa rí: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ lórí okùn lókè. Òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àtẹ̀gùn ni yóò sọ bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe é gbé, bóyá yóò sì ṣe é jogún.

Irú ilé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa. Nígbà tí rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn oníṣòwò Lẹ́bánónì àti Síríà, tí àwọn baba wa ń pè ní Kòrá, tẹ̀dó sí Gbági lẹ́bàá Dùgbẹ̀. Òpópónà Lẹ́bánónì ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n ń ta aṣọ nísàlẹ̀, ìyàwó àti ọmọ wọn ń gbé lókè. Lóde òní, ilé tí wọ́n kọ́ fún ìgbé nìkan náà ti di ilé ìtajà. Ẹ́sítéètì Bódìjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ kí ìdílé lè máa gbé ibẹ̀, ti ní ilé púpọ̀ létí títì tí a ti fọ́ pálọ̀ wọn di ṣọ́ọ̀bù. Ní Àgbowó, tó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rajà nísàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì ń háyà yàrá lókè.

Ẹ jẹ́ ká jọ yàwòrán ilé kan. Ojú rẹ̀ sí títì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 40. Onílé ti pín in sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ń ka owó-ilé mẹ́rin lọ́kàn rẹ̀. Níbo ni ìdílé yóò wá gbà gòkè? Ká sọ pé láti ilẹ̀ dé orí dẹ́kìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ààbọ̀, ìyẹn ínṣì 126. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ga ní ínṣì 6, èyí tó rọ arúgbó àti ọmọdé lọ́rùn, ìgbésẹ̀ 21 ni a ó gùn. Bí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bá jìn ní ínṣì 10, tí àtẹ̀gùn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó sì ṣẹ́rí padà láàárín, yóò gba àyè bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìbú àti 15 ní gígùn. Odindi ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí owó-ilé kan má baà sọnù, onílé a ní kí bírìkìlà fi àtẹ̀gùn sínú ṣọ́ọ̀bù tí òun fúnra rẹ̀ yóò lò, tàbí kó gé e kúrú. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ̀gùn tí a gé kúrú yóò ga ní ínṣì 8, àtẹ̀gùn náà kò ní ju ìgbésẹ̀ 16 lọ, àyè tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ yóò há, ẹni tó ru omi yóò sì máa yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù burú jù ú lọ. Èéfín a máa gòkè. Bí iná bá sọ láàárín ọjà lóru, àtẹ̀gùn náà ni èéfín yóò kọ́kọ́ gbà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìdílé ní láti jáde sì nìyẹn. Bí irin bá tún dí ojú fèrèsé àti bákónì nítorí olè, kò sí ibòmíràn tí wọn yóò gbà.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Èkíní, kí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà 11 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ bàtà 7 tó kù jẹ́ ti àtẹ̀gùn, kó ṣílẹ̀kùn tirẹ̀ sí títì. Èkejì, kí ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 4 gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìn, kí àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. A pàdánù ṣọ́ọ̀bù kan, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó kù gbòòrò sí i. Ní ọ̀nà méjèèjì, búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 ni kó yí àtẹ̀gùn ká láti ilẹ̀ dé dẹ́kìn, kí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù má ṣí sí i. Ìyá tó fẹ́ máa yọjú sí ọjà láti ilé ìdáná lè ní ìlẹ̀kùn inú, ṣùgbọ́n kó jẹ́ igi tó nípọn, kó máa wà ní títì lóru, kó má sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, àtẹ̀gùn tó dára jù lọ kò lè gbani lọ́wọ́ àwọn ọjà kan. Gáàsì ìdáná, bẹntiróò, ọ̀dà pẹ̀lú tínà, àti fóòmù tí a tò dé àjà kò yẹ kó sùn sábẹ́ ìdílé. Ní 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú, ẹ̀mí ṣòfò, ilé púpọ̀ sì wó. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò níwèé àṣẹ ló kó o síbẹ̀. Ẹ máa béèrè ohun tí ayálégbé yín fẹ́ tà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ewu kan tún wà tí kì í pariwo. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, nítorí òjò kì í débẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí ara wọn sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n jáde síta, òun ni kí ẹ fura sí. Kí gbogbo wọn jáde kíákíá, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Nígbà tí baba bá kú ńkọ́? Bí àtẹ̀gùn bá dá dúró, àwọn ọmọ lè háyà ìsàlẹ̀ fún àlejò, kí wọ́n pín owó rẹ̀ ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, kí opó àti àwọn tó ń gbé òkè má sì ṣí kúrò. Bí ó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìdílé lọ́wọ́. Ìjà ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ilé yín ti dúró, ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ ti gbogbo ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ní kí ọmọ tó kéré jù, tó ti lè rìn dáadáa, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé títì láìgba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbòmíràn. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ kọ́ àtẹ̀gùn míràn sí ìta, lẹ́yìn ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá dẹ́kìn lu láìpe ẹnjiníà, nítorí irin inú rẹ̀ ló gbé òkè dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ́lé, ẹ yan àyè àtẹ̀gùn sórí púláànù kí ẹ tó ka iye ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ayàwòrán-ilé, bí onílé bá ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ kọ̀ fún un.