Ẹ̀jẹ̀ Tó Ti Wà Nílẹ̀

Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò ní àkókò láti fi ṣòfò. Bí ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ na apá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kòkòrò éèdì àti àrùn mẹ́dọ̀wú. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nínú fíríìjì ló lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àpò kan kì í sì í pẹ́ ju nǹkan bí ọjọ́ 35 lọ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ ṣètọrẹ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Sátidé, láti aago 8 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Ẹni ọdún 18 sí 65 tí ara rẹ̀ le, tó wọ̀n kílò 50 ó kéré tán, là ń wá. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ jókòó sílé. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá, ẹ sì mu omi dáadáa.

Nọ́ọ̀sì á gún yín níka, á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú omi aláwọ̀ búlúù kan. Tó bá tètè rì, ẹ̀jẹ̀ yín ki tó. Tó bá léfòó, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀yin gan-an lẹ nílò rẹ̀.