Lẹ́tà Àbá Iṣẹ́ Àpilẹ̀kọ Lórí Ẹ̀jẹ̀ Ríru Láàrin Àwọn Oníṣòwò Ọjà

Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlera àwùjọ fi ń dábàá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ fún alábòójútó kì í sábà gùn, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni alábòójútó ti ń mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ro iṣẹ́ náà dé inú ọjà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan palẹ̀, èyí tí a gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ mọ iye àwọn oníṣòwò ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé bí wọ́n bá ṣe yan àwọn oníṣòwò, àti bí wọ́n bá ṣe wọn ìfúnpá wọn, ló ń sọ bóyá èsì náà ṣeé gbà.

Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan tó ń gbé e láti inú ọkàn lọ sí ara. Iye méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ti òkè jẹ́ ti ìgbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tó bá sinmi. Bí ti òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ni kò mọ nǹkan kan lára, nítorí náà ni kò fi tó kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò bóyá ara rẹ̀ le.

Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ iye ènìyàn tí yóò wọ inú iṣẹ́ náà, kí ó sì fi ìṣirò tì í lẹ́yìn:

n = Z²p(1 − p)/d²

Nínú ìṣirò yìí, p ni ìdá àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé wọ́n ní àrùn náà, d ni àṣìṣe tó lè gbà, Z sì ni 1.96, iye tó dúró fún ìdánilójú ìdá 95 nínú 100. Bí ó bá fi p sí 0.30, tó sì fi d sí 0.05, n yóò jẹ́ 323. Bí ó bá sì ro ti àwọn tó lè kọ̀, ìyẹn ẹni 10 nínú 100, yóò tọ 359 lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba ìyọ̀ǹda Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́, kí ó lè kọ orúkọ àwọn oníṣòwò sílẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Bí orúkọ náà bá jẹ́ 1,800, yóò ṣẹ́ ìbò mú ọ̀kan nínú márùn-ún àkọ́kọ́, yóò sì máa mú ẹnì kan nínú márùn-ún márùn-ún láti ibẹ̀ lọ. Bí ó bá kàn jókòó sábẹ́ ìbòòji tó ń dúró de ẹni tó bá yọjú, àwọn tó ti ń fura pé àìsàn wà lára wọn ni yóò kọ́kọ́ dé, iye náà yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti máa ń kùnà ni ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìdí ìsọ̀ ni wọn yóò ti wọn ìfúnpá. Oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò ẹ̀wà, tó ń ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà, tó sì ń jẹ obì lẹ́nu, ìfúnpá rẹ̀ ti gòkè fún ìgbà díẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní àrùn kankan. Àbá tó yè kooro yóò wá yàrá kan nítòsí ọjà, níbi tí ẹni náà yóò ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, tí apá rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, lẹ́yìn tí kò ti jẹ obì tàbí mu kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá gbọ́dọ̀ bá apá mu, nítorí èyí tó kéré máa ń mú kí iye náà ga lórí irọ́. Wọn yóò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò sì lo ìpíndọ́gba méjì tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń ka iye láti ojú ẹ̀rọ oníná, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló yẹ kó parí sí òdo. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ti ń fojú bù ú.

Síbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti pe ẹnikẹ́ni ní alárùn. Nítorí náà, lẹ́tà náà yóò ṣètò pé kí wọ́n tún padà wọn ìfúnpá ẹni tí tirẹ̀ bá ga, yóò sì ka ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ àwọn tó ní i, bí ìfúnpá rẹ̀ tilẹ̀ ti rọlẹ̀. Yóò sì jẹ́wọ́ pé ìwádìí tó wo ènìyàn ní sáà kan ṣoṣo lè fi hàn pé àrùn náà wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń jókòó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àmọ́ kò lè fi hàn pé ìjókòó ló fà á.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní èdè tó gbọ́ kí ó tó gbà. Ẹni tí iye rẹ̀ bá tó 180/120, tí àyà ń dùn ún tàbí tí apá kan ara rẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni ó gbọ́dọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù ni wọn yóò kọ iye wọn sórí káàdì fún, nítorí oníṣòwò tó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè wọn ìfúnpá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni èsì náà, kó tó di ti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ.