Ẹ̀rí Inú Fóònù: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Kí Adájọ́ Lè Gbà Á



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kan àwọn tí a ń fi fóònù yọ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a fi arábìnrin aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan fẹ́ ẹ, ó kọ̀. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ sí i lórí Wasáàpù, tí ó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun yóò dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Arábìnrin náà ya àwòrán ojú fóònù méjì, ó gé etí wọn, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi ìbínú pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọkùnrin náà ní kì í ṣe òun. Kí ni ó kù lọ́wọ́ arábìnrin wa? Àwòrán méjì tí a kọ "Má Gbé E" sí lókè, nítorí orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fi pa nọ́ńbà náà mọ́ nìyẹn. Nọ́ńbà kò sí níbẹ̀. "Today" ni fóònù sì kọ dípò ọjọ́.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó fi òjìji sílé, ó sọ igi nù. Òjìji ni àwòrán ojú fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú fóònù gan-an ni igi. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé a lè ṣe ayédèrú àwòrán. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn onítọ̀hún mọ́, ẹ lè dí ọ̀nà mọ́ ọn láìpa ohun tí ó ti kọ rẹ́.

Ẹ tètè ya àwòrán, nítorí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ lè pa á rẹ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹ má gé etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìparí àwòrán kan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, kí ó lè hàn pé a kò yọ nǹkan kan láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ tí ó wà lókè, kí ẹ sì ya ojú ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti hàn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá, ẹ tún àwòrán náà yà, nítorí nígbà náà ni ọjọ́, oṣù àti ọdún yóò hàn ní kíkún.

Ní ti ohùn, orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí Áńdírọ́ọ̀dù máa ń dà bí `PTT-20250314-WA0002.opus`. Ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò sí. Bí a bá fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tí a sì pa ti ọ̀dọ̀ wa rẹ́, a ti já okùn tí ó so ó mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹ lo "Export chat" pẹ̀lú ohùn àti àwòrán inú rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tí ó bá jáde pamọ́ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé lásán ni èyí náà, a lè yí i padà. Kò lè rọ́pò fóònù.

Bí ó bá jẹ́ í-meèlì ni, ẹ má kàn darí rẹ̀ sí agbẹjọ́rò. Àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ yín kì í tẹ̀ lé e. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ "Show original", lẹ́yìn náà "Download Original".

Ní Nàìjíríà, abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni ó sọ ohun tí adájọ́ ń béèrè. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, tí ó jẹ yọ láti inú ìdìbò gómìnà Bayelsa ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ ìwé tí a tẹ̀ jáde láti orí ẹ̀rọ ayélujára, nítorí pé a kò mú ohun tí abala yìí béèrè ṣẹ. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí agbẹjọ́rò yóò bá yín ṣe. Yóò sọ irú ẹ̀rọ tí a lò, bí a ṣe mú ìwé náà jáde, àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa; ẹni tí ẹ̀rọ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ yóò sì buwọ́ lù ú. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, pẹ̀lú irú fóònù tí ẹ lò.

Bí arábìnrin wa bá ṣe báyìí, tí ọkùnrin náà bá tún ní kì í ṣe òun, fóònù ni yóò gbé kalẹ̀ síwájú ọlọ́pàá: nọ́ńbà nìyí, ọjọ́ nìyí, ohùn rẹ̀ nìyí.