Káàdì Ìyá Nínú Fóònù Ọmọ
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ wa. Iṣẹ́ báǹkì ni mò ń ṣe, ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ni mo mọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wá bá wa pé olè ti wọ àkáǹtì òun. A wo bí owó rẹ̀ ṣe ń jáde: ₦1,200 lẹ́ẹ̀marùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ₦6,000 lápapọ̀, orúkọ Google sì wà lára gbogbo rẹ̀. Olè kọ́. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń ra dáyámọ́ǹdì nínú géèmù. Fóònù tí ìyá ti lò tẹ́lẹ̀ ló fún ọmọ. Àkáǹtì Google ìyá ṣì wà nínú rẹ̀, káàdì rẹ̀ sì so mọ́ ọn. Lójú Google, ìyá ló ń rajà. Síìmù tó ń gba alẹ́ẹ̀tì náà kò kúrò nínú fóònù yẹn, ìyá kò sì rí alẹ́ẹ̀tì kankan.

Nítorí náà, kí ẹ tó fún ọmọ ní fóònù àlòkù yín, ẹ yọ síìmù yín, ẹ pa gbogbo ohun inú fóònù náà rẹ́, kí ẹ ṣí àkáǹtì tirẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi Family Link so ó mọ́ tiyín. Lórí fóònù tiyín, ẹ tẹ orúkọ ọmọ nínú Family Link, ẹ tẹ Controls, ẹ wọ Google Play, kí ẹ sì mú All content níbi ìfọwọ́sí ọjà. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ̀yin ni yóò bi. Ó lè ní kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sórí fóònù tòun. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ níṣojú rẹ̀ o, ojú àwọn ọmọ ìwòyí yá! Kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Ṣùgbọ́n owó tó bá gba ọwọ́ Google Play kọjá nìkan ni ìfọwọ́sí yìí ń dá dúró. Bí ọmọ bá tẹ nọ́ńbà káàdì yín sórí ìkànnì mìíràn, tàbí tó mọ píìnì tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́, Family Link kò ní bi yín léèrè. Ẹ fi píìnì pa mọ́ fún ọmọ bí ẹ ṣe ń fi pa mọ́ fún àlejò.

Ti àkókò kò le. Àmọ́ bí ẹ bá fi wákàtí méjì sí i lójúmọ́, tí ọmọ ní fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, wákàtí méjì ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti di mẹ́rin nìyẹn. Àsẹ́ tí ẹ bá sì fi sí Chrome láti dènà ìhòòhò kò dé inú WhatsApp. Ohun tí ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa wò ó.

Bí owó bá ti jáde, ẹ tètè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Google Play kí wákàtí 48 tó pé, kí ẹ tó máa bọ̀ ní báǹkì. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ ṣètò tirẹ̀, kó mú fóònù tirẹ̀ àti ti ọmọ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. A ó lo méjèèjì.